Páìpù nínú páìpù: bí a ṣe ń fi LMTD mọ gígùn ẹ̀rọ pàṣípààrọ̀ ooru oníṣàn òdìkejì

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń béèrè léraléra. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la fi dáhùn gbogbo wọn kí òǹkà má baà máa yí padà lójú yín. Omi mímọ́ tó ń yí po lára ẹ̀rọ kan jáde ní 80 °C, ó sì gbọ́dọ̀ tutù dé 45 °C kó tó padà wọlé. Ìṣàn rẹ̀ jẹ́ 0.5 kg/s. Omi bóòhóòlù tó wà ní 28 °C, tó ń ṣàn ní 0.7 kg/s, ni yóò gba ooru náà, kí wọ́n lè fi fọ nǹkan lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ ká pe ìkíní ní omi gbígbóná, ká pe ìkejì ní omi tútù.

Irú ẹ̀rọ wo là ń sọ gan-an?

Páìpù kékeré ni wọ́n tì bọ inú páìpù ńlá. Omi kan ń ṣàn nínú páìpù kékeré, èkejì ń ṣàn nínú àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ooru ń gba ara páìpù kékeré kọjá láti ọ̀dọ̀ èyí tó gbóná sí ọ̀dọ̀ èyí tó tutù, àmọ́ omi méjèèjì kì í fara kan ara wọn.

Ìṣàn òdìkejì ni pé ẹnu tí omi gbígbóná ń gbà wọlé ni omi tútù ń gbà jáde. Tí gígùn tá a nílò bá pọ̀, wọ́n á gé páìpù náà sí ẹsẹ̀ ẹsẹ̀, wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n á wá fi páìpù títẹ̀ so ẹsẹ̀ kan mọ́ èkejì.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò?

Ìṣàn omi méjèèjì, ìwọ̀n ìgbóná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wọlé, àti ìwọ̀n ìgbóná tí ẹ fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn fi jáde. Ìwọ̀n ìjáde èkejì kì í ṣe ohun tí ẹ lè yàn bó ṣe wù yín: ooru tí omi gbígbóná bá pàdánù ni omi tútù máa gbà, kò sí ibòmíì tó ń lọ tí ẹ bá fi fáìbà wé ìta páìpù dáadáa.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ iye ooru tí kílógírámù kan omi náà ń gbà kó tó gbóná sí i ní dígírì kan. Ti omi gbígbóná wa jẹ́ 4.19 kJ, ti omi tútù jẹ́ 4.18 kJ. Ìwọ̀n ìgbóná tó wà láàárín ìwọlé àti ìjáde ni kí ẹ fi wo irú òǹkà bẹ́ẹ̀ nínú tábìlì, ẹ má fi ti ìwọlé nìkan wò ó.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye ooru àti bí omi tútù ṣe máa gbóná tó nígbà tó bá jáde?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí tí ẹ mọ ìwọlé àti ìjáde rẹ̀:

```
Q = 0.5 × 4.19 × (80 − 45) = 73.3 kW
```

Omi tútù ló máa gba 73.3 kW yìí, nítorí náà:

```
73.3 / (0.7 × 4.18) = 25.1 °C
28 + 25.1 = 53.1 °C
```

Ẹ dúró wo òǹkà yìí kí ẹ tó kọjá. Omi tútù máa jáde ní 53 °C, omi gbígbóná máa jáde ní 45 °C. Èyí tá a pè ní tútù ló máa gbóná ju èkejì lọ nígbà ìjáde. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀, torí pé ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà jáde. Ní ẹnu kọ̀ọ̀kan, omi gbígbóná ṣì ju omi tútù lọ.

Kí ni LMTD, kí sì ló dé tí a kò kàn mú ìpíndọ́gba lásán?

Ohun tó ń ti ooru kọjá lára páìpù ni ìyàtọ̀ ìgbóná láàárín omi méjèèjì. Ìyàtọ̀ yìí kò dúró sójú kan láti ẹnu kan dé èkejì. Níbi tó bá ti pọ̀, ooru ń yára kọjá, ìyàtọ̀ náà sì ń yára yí padà. Níbi tó bá ti kéré, gbogbo rẹ̀ ń falẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀, tí kì í lọ tààrà, tí lọ́gárídímù sì fi wọ inú fọ́múlà. LMTD ni ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó lè dúró fún gbogbo gígùn páìpù láì yí èsì padà.

Ní ẹnu tí omi gbígbóná ń gbà wọlé, ìyàtọ̀ jẹ́ 80 − 53.1 = 26.9. Ní ẹnu kejì, ó jẹ́ 45 − 28 = 17.

```
LMTD = (26.9 − 17) / ln(26.9 / 17) = 21.6 °C
```

Ìpíndọ́gba lásán máa fún wa ní 22, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹnu kan bá ní ìyàtọ̀ 50, tí èkejì ní 5: ìpíndọ́gba lásán á sọ 27.5, LMTD á sì sọ 19.5. Ẹni tó bá lo 27.5 á ra páìpù tó kúrú púpọ̀. Ìpíndọ́gba lásán kì í kéré ju LMTD lọ láé, nítorí náà apá ibi tó léwu ni àṣìṣe rẹ̀ máa ń wà nígbà gbogbo.

Ṣé ó burú tí omi méjèèjì bá jọ ń lọ sí apá kan náà?

Nínú iṣẹ́ yìí, kò ṣeé ṣe rárá. Tí wọ́n bá jọ wọlé lẹ́nu kan náà, ìyàtọ̀ níbẹ̀ á jẹ́ 80 − 28 = 52. Lẹ́nu ìjáde, á jẹ́ 45 − 53.1, tó jẹ́ −8.1. Kakuléètọ̀ yín máa kọ̀ láti ṣírò lọ́gárídímù òǹkà tó wà nísàlẹ̀ òdo. Kíkọ̀ rẹ̀ yẹn ní ìtumọ̀: ooru kò lè fúnra rẹ̀ kúrò lára ohun tó tutù lọ sára ohun tó gbóná.

Tí ẹ bá tiẹ̀ fi máìlì kan páìpù kún un, omi méjèèjì á kàn máa sún mọ́ ara wọn ni, títí wọ́n á fi jọ dúró sí nǹkan bí 49.7 °C. Omi gbígbóná kò ní rí 45 °C láé. Kí ìṣàn ìbáralọ tó lè ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ ní láti sọ omi tútù di púpọ̀. Bí àpẹẹrẹ, tí ẹ bá fẹ́ kó jáde ní 40 °C, ẹ máa nílò nǹkan bí 1.46 kg/s, ìyẹn ju ìlọ́po méjì omi tí ẹ ní lọ. Omi tí ẹ sì máa rí lò lẹ́yìn náà kàn máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Níbo ni U ti ń wá?

U ló ń sọ bí ooru ṣe ń rọrùn kọjá tó láti inú omi kan sínú èkejì. Ìdènà mẹ́ta ni ooru máa ń bá pàdé lójú ọ̀nà nígbà tí páìpù bá mọ́: omi tó rọ̀ mọ́ ara páìpù nínú, irin páìpù fúnra rẹ̀, àti omi tó rọ̀ mọ́ ara rẹ̀ níta. Ẹ ó ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rò wọ́n pọ̀, ẹ ó wá fi àpapọ̀ pín 1.

A mú páìpù sítéènlẹ́ẹ̀sì tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 21, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 25. Inú páìpù ńlá fẹ̀ ní 40. A fi omi gbígbóná sínú páìpù kékeré. Ó ń sáré ní nǹkan bí mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nọ́ńbà Reynolds rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 67,000, ìyẹn ni pé ó ń rú dáadáa. Nínú àlàfo, omi tútù ń sáré ní 0.92, Reynolds rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 21,000. Ìwọ̀n tí ẹ máa lò fún àlàfo nínú ìṣirò Reynolds ni 40 − 25, ìyẹn mìlímítà 15. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà, wọ́n á lo 40.

Níwọ̀n bí méjèèjì ti kọjá 10,000, fọ́múlà Dittus àti Boelter ṣeé lò:

```
Nu = 0.023 × Re^0.8 × Pr^n
n = 0.3 (omi tó ń tutù), 0.4 (omi tó ń gbóná)
```

Nu ni nọ́ńbà Nusselt, Re ni ti Reynolds, Pr ni ti Prandtl. Tá a bá fi agbára tí omi fi ń gbé ooru kọjá ṣe ìlọ́po Nu, tá a sì fi ìwọ̀n páìpù tàbí àlàfo pín in, ó fún wa ní nǹkan bí 7,200 W/m²K nínú, àti 5,000 níta. Tá a bá wá gbé gbogbo rẹ̀ ka ojú ìta páìpù kékeré, ìdènà inú jẹ́ 0.000166, ti irin jẹ́ 0.000136, ti ìta jẹ́ 0.000200. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.000502, U páìpù tó mọ́ sì jẹ́ nǹkan bí 1,990. Ẹ kíyè sí ìdènà irin yẹn, ó lé ní ìdá mẹ́rin gbogbo rẹ̀. Sítéènlẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kí ooru kọjá bíi bàbà, nítorí náà ẹ má fò ó dá nínú ìṣirò nítorí pé ìwé kan ní irin kò já mọ́ nǹkan.

Ṣé dandan ni kí n fi ti ìdọ̀tí kún un?

Dandan ni. Omi bóòhóòlù tó ń gbóná dé 53 °C máa ń fi ẹfun lé ara páìpù, nítorí pé ẹfun yẹn kì í yòrò nínú omi gbígbóná tó bó ṣe ń yòrò nínú omi tútù. Ibi tó gbóná jù ló sì máa ń kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́, ìyẹn ara páìpù kékeré gan-an. Òun náà ni ẹ máa ń rí nínú kẹ́tùlù.

A fi ìdènà 0.0002 sí ẹ̀gbẹ́ omi bóòhóòlù, a sì fi 0.0001 sí ẹ̀gbẹ́ omi mímọ́. Ti inú máa di 0.00012 tá a bá gbé e ka ojú ìta. Àpapọ̀ ìdènà wá di 0.00082, U sì já wálẹ̀ láti 1,990 sí nǹkan bí 1,220. Ìdọ̀tí nìkan ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún agbára ẹ̀rọ náà. Bí páìpù bá ṣe dára tó nígbà tó mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdọ̀tí ṣe máa ń bà á jẹ́ tó.

Báwo wá ni páìpù náà ṣe máa gùn tó?

```
A = Q / (U × LMTD) = 73,300 / (1,220 × 21.6) = 2.8 m²
L = 2.8 / (3.14 × 0.025) = 35.7 m
```

A dúró fún ojú páìpù tí ooru ń gbà kọjá, L dúró fún gígùn rẹ̀. Mìlímítà 25 la lò torí pé ojú ìta páìpù kékeré la gbé U kà. Tí ẹ bá gbé U ka ojú inú, mìlímítà 21 ni kí ẹ fi pín in. Èyí tí ẹ bá yàn, ẹ dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á ṣì gígùn náà tó nǹkan bí ìdá mẹ́fà, kò sì sí ohun kankan nínú èsì tó máa ta á lólobó.

Ẹ mú un sí mítà 36: ẹsẹ̀ 12 tó gùn ní mítà 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mítà 3 rọrùn láti gbé, ó sì rọrùn láti fa páìpù kékeré yọ nígbà ìfọ̀. Títẹ̀ tí kò sí nínú páìpù ńlá kò ka, ẹsẹ̀ tó wà nínú páìpù ńlá nìkan ni ẹ máa kà mọ́ gígùn.

Ṣé pọ́ǹpù mi máa lè tì í?

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra páìpù. Fún mítà 36, omi gbígbóná máa pàdánù nǹkan bí 36 kPa, omi tútù máa pàdánù nǹkan bí 26 kPa, láì tíì ka àwọn ibi títẹ̀ àti ẹnu ìwọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì kò tó agbára tó ń gbé omi gòkè mítà mẹ́rin, pọ́ǹpù kékeré lè ṣe é.

Àwọn kan máa ń fẹ́ dín páìpù kù kí omi lè sáré, kí U sì lọ sókè. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ tí ìsáré omi bá di ìlọ́po méjì, ìdènà omi kò ní dín kù tó ìdajì, ìfúnpá tí ẹ máa pàdánù á sì lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí ìdọ̀tí ti gba apá tó pọ̀ nínú ìdènà, owó iná pọ́ǹpù ni ẹ kàn ń sọ nù.

Omi wo ló yẹ kó wà nínú páìpù kékeré?

Ohun méjì ló ń bára wọn jà níbí. Tí omi gbígbóná bá wà nínú, ooru kì í sá lọ síta, ọwọ́ ẹni tó bá fara kan páìpù kò sì ní jó. Àmọ́ omi tó ń fi ẹfun sílẹ̀ á wà nínú àlàfo, búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè wọ ibẹ̀. Ásíìdì tó ń yọ ẹfun ni ẹ máa ní láti yí po nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ tú u pátápátá.

Lójú tèmi, tí omi bóòhóòlù yín bá ń fi ẹfun púpọ̀ sí ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù láàárín oṣù mélòó kan, ẹ fi omi yẹn sínú páìpù kékeré, kí ẹ wé fáìbà mọ́ ìta. Ẹ gbọ́dọ̀ tún U ṣírò, torí pé ìsáré omi méjèèjì máa yí padà. Tí omi yín kì í bá fi ẹfun sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà bá a ṣe ṣe é yìí.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ tuntun fi ń mú omi tutù ju 45 °C lọ?

Torí pé kò tíì dọ̀tí ni. Mítà 36 tó mọ́ ní U tó sún mọ́ 1,990, nítorí náà omi gbígbóná máa jáde ní nǹkan bí 38 °C, omi tútù máa jáde ní nǹkan bí 58 °C. Bí ẹfun bá ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn ni 38 náà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí 45.

Tí 38 °C bá lè pa ẹ̀rọ yín lára, ẹ fi páìpù àyíká sí i pẹ̀lú fáàfù, kí díẹ̀ nínú omi gbígbóná lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá kó sì pàdé èyí tó ti tutù. Ẹ má dín omi tútù kù láti fi yanjú rẹ̀. Omi tó bá ń falẹ̀ máa gbóná sí i lára páìpù, ẹfun á sì tún yára kó jọ.

Tí ìyàtọ̀ ẹnu méjèèjì bá dọ́gba, fọ́múlà fún mi ní òdo lórí òdo. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ lo ìyàtọ̀ yẹn gan-an bó ṣe wà. Tí ẹnu méjèèjì bá jẹ́ 20, LMTD jẹ́ 20. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìṣàn ìlọ́po iye ooru kílógírámù kan bá dọ́gba fún omi méjèèjì, tí ìyàtọ̀ ò sì yí padà láti ẹnu kan dé èkejì. Tí ẹ bá ń lo ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ìlànà yìí sínú rẹ̀, kó má baà gbé àṣìṣe wá lọ́jọ́ tí òǹkà bá dọ́gba.

Tó bá jẹ́ epo pupa ni mo fẹ́ mú tutù ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá. Ní nǹkan bí 60 °C, epo pupa ki tó ìlọ́po 40 omi. Nínú páìpù mìlímítà 21 yìí, ní 0.5 kg/s, Reynolds rẹ̀ máa wà ní nǹkan bí 1,500. Kì í rú mọ́, ó kàn ń yọ́ lọ ni, fọ́múlà tá a lò lókè kò sì bá a mu rárá. Ẹni tó bá fi ipá lò ó máa rí òǹkà tó dùn mọ́ni tí kì í ṣe òótọ́.

Pẹ̀lú fọ́múlà tó wà fún irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹsẹ̀ mítà 3, ẹ̀gbẹ́ epo lè fún yín ní nǹkan bí 200 W/m²K, U gbogbo rẹ̀ á sì wà ní nǹkan bí 150. Ọ̀rọ̀ U dà bí ọ̀nà tó ní kòtò mẹ́ta: tí ọ̀kan bá jìn ju ìyókù lọ, dídí àwọn kékeré kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ yá. Fífi kún ìsáré omi tútù tàbí lílo bàbà dípò sítéènlẹ́ẹ̀sì kò ní ran yín lọ́wọ́ níbí.

Epo kò gba ooru tó omi: láti 80 sí 45 °C, nǹkan bí 35 kW péré ló máa tú sílẹ̀, kò tó ìdajì ti omi. LMTD á jẹ́ nǹkan bí 27. Síbẹ̀, mítà páìpù tó máa gbà á lé ní 100, ìlọ́po mẹ́ta èyí tá a ní. Ohun tó máa ń ṣe iṣẹ́ níbí ni fífi epo sínú àlàfo, kí páìpù kékeré sì ní ìyẹ́ irin lára tó máa fi kún ojú tó ń fara kan epo, tàbí kí ẹ fi irú ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò rẹ̀ pátápátá.

Mo mọ gígùn ẹ̀rọ tí mo ní, mi ò mọ ìwọ̀n ìjáde kankan. Ṣé LMTD lè sọ ọ́ fún mi?

Ó lè sọ ọ́, àmọ́ ẹ ní láti máa méfò. Ẹ ó méfò ìjáde kan, ẹ ó ṣírò Q láti ara ìṣàn, ẹ ó tún ṣírò Q láti ara U × A × LMTD, ẹ ó sì máa yí ìméfò padà títí méjèèjì á fi dọ́gba. Ọ̀nà ε-NTU ló yẹ irú ìbéèrè yẹn, torí pé nínú àwọn ìwọ̀n ìgbóná, ti ìwọlé nìkan ló nílò. Òun la fi rí 38 °C tá a sọ lókè. LMTD dára jù nígbà tí ẹ bá mọ ìwọ̀n ìgbóná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí gígùn nìkan sì kù.

Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ omi gbígbóná kò tutù tó. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó fà á?

Ẹ wọn ìgbóná ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìṣàn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò ooru tí omi gbígbóná pàdánù àti èyí tí omi tútù gbà. Tí méjèèjì bá yàtọ̀ síra púpọ̀, ẹ má sọ ohunkóhun nípa páìpù: tẹmómítà kan tàbí mítà ìṣàn kan ló ń purọ́.

Tí wọ́n bá bára mu, ẹ wo ìjáde méjèèjì. Bí ẹ bá rí omi méjèèjì tó ń jáde ní nǹkan bí 50 °C lórí ẹ̀rọ tuntun, ẹni tó so páìpù ti so ó ní ìbáralọ. Ẹ pààrọ̀ ẹnu omi tútù méjèèjì, ẹ máa rí ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tí ìsopọ̀ bá tọ́, ẹ ṣírò U = Q / (A × LMTD) láti inú ohun tí ẹ wọ̀n. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 1,220, ẹfun ti tó fọ̀. Tó bá kéré gan-an láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí kò sì tíì sí ìdọ̀tí, ẹ yẹ afẹ́fẹ́ wò nínú àlàfo. Ó máa ń há sí òkè ẹsẹ̀ tó ga jù, omi kì í sì fara kan apá ibẹ̀. Fáàfù kékeré kan lórí ẹsẹ̀ yẹn ló ń tú u jáde. Ẹ kọ U náà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, torí pé òǹkà ọjọ́ yẹn lẹ máa fi wé gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e.